Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Káàdì, Tíránsífà, Owó Orí Fóònù àti Kírípítò, Èwo Ni Ká Fi Kówó Sínú Áàpù?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nínú ọkọ̀, ẹ fi etí kan gbọ́, kí ẹ fi ojú kejì ṣọ́ fóònù yín. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ràn kí ẹ kà á ju kí ẹ gbọ́ ọ lọ, gbogbo ohun tí mo sọ nínú abala yìí ló wà nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí a ṣe ń pa á. Bí a ṣe ń kó o wọlé sínú áàpù ni. Ẹ ti mọ ojú ewé tí mò ń sọ. Ẹ ṣí áàpù tí ẹ fi ń ra ìpín, tàbí èyí tí ẹ fi ń pa owó mọ́, tàbí ti tẹ́tẹ́ pàápàá, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ `Deposit` sí, ó wá tò wọ́n síwájú yín: káàdì, tíránsífà báńkì, owó orí fóònù, kírípítò. Ọ̀pọ̀ wa kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó bá wà lókè la máa ń tẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fẹ́ ká máa bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èkíní, èló ni wọ́n máa gé? Èkejì, báwo ló ṣe máa yá tó? Ẹ̀kẹta, tí owó náà bá há sójú ọ̀nà, kí ló máa wà lọ́wọ́ mi tí mo lè fi tọpa rẹ̀, ta ló sì lágbára láti dá a padà? Méjì àkọ́kọ́ ni gbogbo èèyàn máa ń bèèrè. Ẹ̀kẹta yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ ṣe ètò tòní, torí òun la kì í rántí àfi lọ́jọ́ tí báńkì bá ní òun ti san án, tí áàpù sì ní òun ò rí nǹkan kan.

Kí ọ̀rọ̀ má baà pọ̀ jù, iye kan náà la máa fi wọn gbogbo wọn: ₦20,000.

Káàdì: ó yá, ṣùgbọ́n ó ń jẹun

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí káàdì. Ẹ tẹ nọ́ńbà iwájú rẹ̀, ọjọ́ tó máa kú, nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà PIN tàbí OTP. Láàárín ìṣẹ́jú kan, owó ti wọlé. Ní ti kíákíá, káàdì ò kẹ̀rẹ̀.

Owó gígé rẹ̀ ni kì í hàn dáadáa. Áàpù yẹn kọ́ ló ń gba owó lórí káàdì yín. Ilé iṣẹ́ kan wà láàárín òun àti báńkì yín tó ń bá a gbà á, ilé iṣẹ́ náà sì ní iye tó ń gbà. Ẹ mú Paystack bí àpẹẹrẹ. Iye tí wọ́n kọ síta fún owó abẹ́lé ni ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú ₦100 lórí rẹ̀. Tí owó náà ò bá tó ₦2,500, wọ́n máa yọ ₦100 yẹn kúrò, gbogbo ohun tí wọ́n máa gbà kò sì ní ju ₦2,000 lọ. Ó wá túmọ̀ sí pé lórí ₦20,000 wa, ìdá 1.5 jẹ́ ₦300, ẹ fi ₦100 kún un, ó di ₦400. Áàpù mìíràn máa gbé ₦400 yẹn sórí ara rẹ̀. Òmíràn máa gbé e sórí yín, wọ́n á wá gba ₦20,400. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹ wo iye tó wà lójú ewé tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó tẹ OTP, kì í ṣe iye tí ẹ̀yin fúnra yín kọ́kọ́ tẹ̀.

Tó bá wá há ńkọ́? Bó ṣe máa ń há nìyí: wọ́n ti gé owó ní báńkì, àlẹ́ẹ̀tì ti dún, ṣùgbọ́n áàpù kọ `Failed`. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé báńkì yín ti gbà láti sanwó, ṣùgbọ́n èsì "mo ti san án" yẹn kò padà dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó wà láàárín lásìkò. Kò sí ẹni tó jí owó yín. Ó kàn dúró síbì kan ni.

Ibí ni káàdì ti ń gbéra ga ju àwọn yòókù lọ. Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti dín ọjọ́ ìdápadà kù: owó tí wọ́n bá gé lórí ẹ̀rọ POS tàbí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ìsanwó náà ò sì yọrí sí rere, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà láàárín wákàtí 48. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ márùn-ún ni. Ìsanwó káàdì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà kan tó ń jẹ́ `RRN`, nọ́ńbà méjìlá ni. Òun ni báńkì yín àti ilé iṣẹ́ àárín fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà làwọn méjèèjì ń sọ. Tí ẹ bá lọ sí báńkì, ẹ má kàn sọ pé "wọ́n gé ₦20,000 mi lánàá." Ẹ béèrè RRN, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ẹ̀sùn yín.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ ti káàdì nìkan. Tó bá jẹ́ pé owó wọlé, ṣùgbọ́n áàpù kọ̀ láti ṣe ohun tó ṣèlérí, ẹ lè ní kí báńkì yín bá yín gbógun tì í, kí wọ́n gba owó náà padà lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń já sí òdodo fún ẹni tó pe ẹjọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yẹn ṣí. Nínú àwọn ọ̀nà mẹ́ta yòókù, ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kò sí.

Ewu káàdì wà níbòmíràn: ohun tí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Tí ẹ bá gbà kí áàpù tọ́jú káàdì yín, ó lè tún gé e lọ́jọ́ mìíràn láìbéèrè OTP. Ní ti áàpù tí ẹ ò tíì fọkàn tán, ẹ má ṣe fi àmì sí àpótí kékeré tó ní kí wọ́n rántí káàdì yín yẹn.

Tíránsífà: nọ́ńbà 30 tó ń sọ ìtàn

Ó kan tíránsífà. Ní Nàìjíríà, ojú ọ̀nà kan tó ń jẹ́ NIP ni tíránsífà láti báńkì kan sí òmíràn ń gbà. Àjọ NIBSS ló ń bójú tó o, láti ọdún 2011 ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló jẹ́ kí owó máa dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá, tọ̀sán tòru, àti lọ́jọ́ Àìkú pàápàá.

Owó gígé rẹ̀ kò pọ̀. Nínú ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ fi síta ní ọdún 2020, báńkì kò gbọ́dọ̀ gbà ju ₦10 lọ lórí owó tí kò ju ₦5,000. Láti ibẹ̀ dé ₦50,000, ₦25 ni. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ₦50. Ìjọba á wá fi owó orí ọjà, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, lé iye tí báńkì gbà. Owó òǹtẹ̀ ₦50 tún wà lórí owó tó bá ti tó ₦10,000. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ẹni tó gba owó ni wọ́n ti ń yọ ₦50 yẹn. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, ọ̀dọ̀ ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ló wá kù sí. Nítorí náà, ₦20,000 wa máa ná yín ní ₦25, pẹ̀lú ₦1.88 owó orí ọjà, pẹ̀lú ₦50 owó òǹtẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦76.88. Ẹ fi wé ₦400 ti káàdì. Ṣùgbọ́n ẹ máa kíyè sí i: áàpù mìíràn tún máa ń fi owó tirẹ̀ lé e, torí ilé iṣẹ́ àárín ń gba nǹkan lọ́wọ́ òun náà lórí tíránsífà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká sọ ibi tó ti ń bàjẹ́. Ẹnìkan nínú àwọn tó ń gbọ́ wa, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Ó fi ₦20,000 ránṣẹ́ sínú áàpù tó fi ń ra ìpín. Báńkì rẹ̀ kọ `Successful`. Áàpù kọ òdo. Ó kọ̀wé sí áàpù, wọ́n ní àwọn ò rí owó kankan. Ó pe báńkì, wọ́n ní owó ti lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń sáré láàárín àwọn méjèèjì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan nínú wọn ń parọ́."

Mo sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì máa sọ òtítọ́. Mo ní kó ṣí risíìtì náà, kó wá ibi tí wọ́n kọ `Session ID` sí. Nọ́ńbà gígùn kan ni, 30 gééré. Ẹ wo irú rẹ̀, èyí tí mo fọwọ́ ara mi ṣe fún àpẹẹrẹ:

```
000000 260314101522 123456789012
```

Mo fi àlàfo sí i kí ojú má baà pòòyì ni. Lórí risíìtì, wọ́n máa so ó pọ̀. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì tí owó ti jáde. Odò-odo ni mo fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n báńkì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Méjìlá tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọjọ́ àti àkókò: ọdún 26, oṣù kẹta, ọjọ́ 14, agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 15, ìṣẹ́jú àáyá 22. Méjìlá tó kẹ́yìn ni nọ́ńbà tí kò bá ti ẹlòmíràn dọ́gba. Ẹ rí i pé kì í ṣe nọ́ńbà játijàti. Ó sọ ibi tí owó ti gbéra àti ìgbà tó gbéra. Báńkì tó fi ránṣẹ́, NIBSS, àti báńkì tó gbà á, nọ́ńbà kan náà ni gbogbo wọn ń rí.

Ọmọbìnrin yìí fi Session ID náà ránṣẹ́ sí áàpù, pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì tó san owó sí, iye owó àti orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tirẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Nọ́ńbà àkáǹtì tó san owó sí kì í ṣe ti ọjọ́ yẹn. Ó ti ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun ló tún lò.

Ẹ dákun, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Oríṣi nọ́ńbà àkáǹtì méjì ni áàpù máa ń fún yín. Oríṣi kan jẹ́ tiyín títí láé, orúkọ yín ló sì máa ń jáde nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ lè tọ́jú ìyẹn. Oríṣi kejì jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ máa rí aago kékeré kan tó ń ka ìṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí aago yẹn bá ti tán, nọ́ńbà yẹn kì í ṣe tiyín mọ́. Owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ síbẹ̀ lè padà fúnra rẹ̀, ó sì lè wọlé sí báńkì tó ni nọ́ńbà náà láìsí pé áàpù mọ ẹni tí yóò kọ ọ́ sí lórúkọ. Ìyẹn ló fà á tí báńkì fi ní "ó ti lọ," tí áàpù fi ní "a ò rí i." Bákan náà ni tí ẹ bá san iye tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ. Wọ́n ní ₦20,000, ẹ fi ₦19,950 ránṣẹ́, ẹ̀rọ ò ní mọ ẹni tó ni ín.

Wọ́n padà kọ owó rẹ̀ sí i lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ló gba owó náà padà. Nọ́ńbà 30 yẹn ni.

Ààlà tíránsífà nìyí: tí ẹ bá fọwọ́ ara yín fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí kì í ṣe òun, báńkì kò lè kàn wọ inú àkáǹtì onítọ̀hún lọ mú un jáde láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ ilé ẹjọ́. Wọ́n lè tọpa rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, nítorí pé BVN tàbí NIN wà lórí àkáǹtì náà, ṣùgbọ́n ìtọpa kì í ṣe ìdápadà. Orúkọ tó bá jáde kí ẹ tó tẹ PIN, ẹ ka á tán.

Owó orí fóònù: ojú ọ̀nà méjì nínú áàpù kan

Tí mo bá ní owó orí fóònù, ó dá lórí ibi tí ẹ wà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kútọnu, MTN MoMo tàbí Moov lẹ máa kọ́kọ́ rántí. Áàpù máa béèrè nọ́ńbà fóònù yín, ìwé kékeré kan á sì yọ lójú fóònù pé kí ẹ tẹ PIN kí ẹ lè gbà kí owó jáde. Ẹ fi ìlànà yìí sọ́kàn: owó tó ń jáde nìkan ló ń béèrè PIN. Kò sí owó tó ń wọlé tó máa ní kí ẹ tẹ PIN. Tí ẹnìkan bá pè yín pé òun fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí yín, tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì yọ, owó yín ló fẹ́ gbé.

Ní Nàìjíríà ńbí, tí a bá ní owó orí fóònù, ọ̀pọ̀ wa ń ro OPay tàbí PalmPay. Nọ́ńbà àkáǹtì yín níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà fóònù yín láìsí òdo iwájú. Wọ́n gbajúmọ̀ torí pé owó gígé wọn kéré, wọ́n sì máa ń fún èèyàn ní ìwọ̀nba tíránsífà ọ̀fẹ́ lójúmọ́. Lórí ₦20,000 wa, ó lè jẹ́ pé owó òǹtẹ̀ ₦50 ti ìjọba nìkan lẹ máa san.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ojú ọ̀nà méjì ló wà nínú áàpù kan náà. Tí ẹ bá ti orí àpò yín fi owó ránṣẹ́ sí báńkì mìíràn, orí ọ̀nà NIP yẹn kan náà ló máa gbà, ẹ máa rí Session ID tó ní nọ́ńbà 30. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń gba owó náà bá ní àpò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan náà, owó kò jáde síta rárá. Inú ìwé ilé iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti yọ ọ́ lórúkọ yín, tí wọ́n kọ ọ́ sí ti ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń yá bí ẹ̀fúùfù. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé ilé iṣẹ́ yẹn nìkan ló lè tọpa rẹ̀, nípa nọ́ńbà tí wọ́n pè ní `Transaction No.` tàbí orúkọ tó jọ ọ́. Báńkì yín àtijọ́ tàbí NIBSS kò ní nǹkan kan tí wọ́n lè wò. Tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹnì kan péré lẹ ní láti lọ, kí ẹ má ṣe fi ọjọ́ mẹ́ta ṣòfò níbòmíràn.

Nítorí pé nọ́ńbà fóònù ni àkáǹtì, àṣìtẹ̀ ẹyọ nọ́ńbà kan ṣoṣo lè gbé owó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tó wà láàyè, tó sì máa yọ̀. Tí wọ́n bá sì jí fóònù yín, ẹ kọ́kọ́ ti síìmù náà pa kí ẹ tó ronú ohunkóhun mìíràn.

Kírípítò: gbogbo ayé ń wò ó, kò sẹ́ni tó lè fà á padà

Ó wá ku kírípítò. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń sọ pé kírípítò ò ṣeé tọpa. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi san owó sínú áàpù ni USDT, dọ́là orí kírípítò. Gbogbo ìfiránṣẹ́ rẹ̀ ló wà lójútáyé. Ìkọ̀ọ̀kan ní `TXID`, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú òpó Tronscan tàbí Etherscan, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tó gbà ṣe jẹ́, ẹ máa rí iye owó, àkókò, àdírẹ́sì tó ti jáde àti ibi tó dé. Ẹ ò nílò kí ẹ bẹ báńkì kankan. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni orúkọ ènìyàn. Ẹ rí ilé, ẹ ò mọ onílé.

Ní ti kíákíá, ó dá lórí ojú ọ̀nà. Lórí Bitcoin, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìpíndọ́gba fún ìwé kan láti wọlé, àwọn áàpù mìíràn sì máa ń dúró de ju ẹyọ kan lọ. USDT lórí ọ̀nà Tron sábà máa ń dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Owó gígé rẹ̀ wá ńkọ́? Ibí ni ìṣirò ti ń ya èèyàn lẹ́nu. Owó ìfiránṣẹ́ kírípítò kì í tẹ̀ lé bí owó ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó fi dọ́là 10 ránṣẹ́ àti ẹni tó fi 10,000 ránṣẹ́ lè san iye kan náà. Ká ní dọ́là kan jẹ́ ₦1,500 lọ́wọ́ ẹni tí ẹ rà á. ₦20,000 yín á di dọ́là 13.33. Ká ní ibi tí ẹ ti ń fi ránṣẹ́ gba dọ́là kan. Dọ́là 12.33 ló kù. Ẹ ti pàdánù ₦1,500 nínú ₦20,000, ìyẹn ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kí owó tó dé. A ò tíì ka ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tí wọ́n tà á fún yín àti iye tí wọ́n máa rà á lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yí i padà sí náírà. Fún owó kékeré, òun ló wọ́n jù nínú gbogbo wọn. Tó bá jẹ́ dọ́là 2,000 ni, dọ́là kan yẹn ò já mọ́ nǹkan kan.

Ìṣòro tó pọ̀ jù ni ojú ọ̀nà tí ẹ bá yàn. USDT kan náà wà lórí Tron, wọ́n á kọ ọ́ ní `TRC20`, ó wà lórí Ethereum, `ERC20`, ó tún wà lórí àwọn mìíràn. Àdírẹ́sì Tron máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T. Ti Ethereum máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `0x`. Ìyẹn ṣeé fi ojú mọ̀. Ṣùgbọ́n `BEP20` náà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `0x`, nítorí náà ojú nìkan ò tó. Ọ̀nà tí ẹni tó ń gbà á kọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ọ̀nà tí ẹ fi ránṣẹ́ mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Tí kò bá mu, TXID yín máa kọ pé ó dé, òótọ́ sì ni, ó dé sí ibi tí áàpù kì í wò. Àánú wọn nìkan ló lè gbé e jáde, àwọn mìíràn kì í sì í ṣe é rárá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́ láti dán an wò tí owó bá pọ̀. Tí ẹ bá sì ti lẹ àdírẹ́sì tán, ẹ wo mẹ́rin àkọ́kọ́ àti mẹ́rin tó kẹ́yìn, kí ẹ tún wo àárín rẹ̀. Kòkòrò kan wà tó ń wọ inú fóònù, tó máa ń pààrọ̀ àdírẹ́sì tí ẹ dà kọ. Àwọn ọ̀dàrán mìíràn sì máa ń ṣe àdírẹ́sì tí orí àti ìdí rẹ̀ jọ ti ẹni tí ẹ mọ̀, wọ́n á fi owó táṣẹ́rẹ́ ránṣẹ́ sí yín láti orí rẹ̀, kí ẹ lè dà á kọ lọ́jọ́ mìíràn.

Ohun kan tó kù nípa kírípítò ni pé báńkì ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ènìyàn sí ènìyàn, a óò fi náírà ránṣẹ́, òun á tú kírípítò sílẹ̀. Báńkì Àpapọ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn báńkì lórí rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n sì ṣí i padà pẹ̀lú ìlànà ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ewu tó wà níbẹ̀ tóbi jù lọ́jọ́ tí ẹ bá ń tà. Tí owó tí wọ́n san fún yín bá jẹ́ owó tí wọ́n jí níbì kan, ìtọpa máa dé orí àkáǹtì yín, báńkì sì lè tì í pa títí wọ́n á fi wádìí tán. Ẹ má gba owó láti àkáǹtì tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí ẹ ń bá dòwò pọ̀, bó ti wù kí àlàyé rẹ̀ dùn tó.

Èwo wá ni kí n tẹ̀?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí. Áàpù tí mo ti mọ̀ dáadáa, tíránsífà ni, sórí nọ́ńbà tó jẹ́ tèmi títí láé. Owó gígé rẹ̀ kéré, ó sì ní ẹ̀rí tí báńkì méjì lè jọ kà. Áàpù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò, káàdì ni, pẹ̀lú owó kékeré, láìtọ́jú káàdì síbẹ̀, nítorí pé ₦400 yẹn ń ra ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ fún mi. Owó orí fóònù wà fún owó péépèèpé ojoojúmọ́, n kì í sì í kó owó ńlá jọ sínú rẹ̀. Kírípítò ni mo máa ń fi síkẹyìn, fún ibi tó wà lókè òkun tí kò gba náírà, tí owó náà sì pọ̀ débi pé dọ́là kan ò ní dùn mí.

Tó bá há, ẹ má tún owó mìíràn san lé e lórí. Ẹ kọ́kọ́ gba risíìtì kíkún, kì í ṣe àwòrán àlẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀: RRN fún káàdì, Session ID fún tíránsífà, Transaction No. fún owó orí fóònù, TXID fún kírípítò. Ẹ fi ránṣẹ́ sí áàpù àti báńkì yín lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Tí báńkì ò bá yanjú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń gbèjà oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀, `cpd@cbn.gov.ng`. Nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Àwọn nọ́ńbà yìí kì í ṣe àṣírí, ẹ lè fi ránṣẹ́ sí wọn. PIN, OTP àti nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì ni ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rí. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi OTP yín wá owó yín jáde, òun gan-an lolè.

Ibi tí a máa dúró sí lónìí nìyẹn. Tí owó yín bá há síbì kan lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ kọ ọ̀nà tó gbà sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kọ nọ́ńbà àkáǹtì yín síta. Ní abala tó ń bọ̀, apá kejì rẹ̀ la máa sọ: bí a ṣe ń kó owó jáde, àti ìdí tí áàpù tó gba owó láàárín ìṣẹ́jú kan fi ń béèrè ọjọ́ mẹ́ta kó tó san án padà.